Ọ̀wọ̀ Inú Lẹ́tà Tí Ó Ń Lọ Sókè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí abala wa lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń fi ímeèlì bá ará òkè òkun dòwò pọ̀. Ní àdúgbò tiwa, láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, irú wọn kò kéré. Pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámmẹ́dù kò jìnnà sí wa, nítorí náà àwọn tí ń bá ènìyàn fi ẹrù ránṣẹ́ wà káàkiri Àjàó Ẹ̀sítéètì àti Máfolúkù. Àwọn kan ń ra aṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní ọjà Aswani, wọ́n á rán an, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí lẹ́tà ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín wọn àti òyìnbó lójoojúmọ́.

Ohun tí a máa ń rí ni pé ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa yóò kọ lẹ́tà tí ó kún fún ọ̀wọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ẹni tí ó sì gbà á lọ́hùn-ún kò ní mọ ohun tí ó ń béèrè. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára. Ibi tí ó kó ọ̀wọ̀ náà sí ni kì í ṣe ibi tí ẹni náà ń wá a sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀wọ̀ ń gbé nínú èdè tiwa. Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ ní ìwọ, ẹ̀yin ni. Bí bàbá bá ti jẹun tán, ọmọ kò ní sọ pé ó ti jẹun, yóò ní wọ́n ti jẹun. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ru ọ̀wọ̀ náà, kò sì rọrùn láti bá àgbà sọ̀rọ̀ pẹ́ kí a má fi hàn bóyá a bọ̀wọ̀ fún un tàbí a kò bọ̀wọ̀. Nígbà tí ẹni tí èyí ti mọ́ lára bá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó bá “you” kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún ọba, fún ọmọ ọwọ́ àti fún ajá inú ilé. Ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Lójú rẹ̀, ìhòhò ni gbólóhùn náà wà. Ló bá wá aṣọ bò ó: “sir” níbẹ̀rẹ̀, “sir” láàárín, “ma” níparí, “humbly” níhìn-ín, “your good self” lọ́hùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ “you” kì í ṣe ìwọ rárá. Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ẹ ó rí i pé “thou” àti “thee” ni fún ẹnì kan, “ye” àti “you” sì ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láàárín ìgboro láyé ìgbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi “you” bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ bu ọlá fún un, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi ẹ̀yin bá àgbà kan sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a pe òun ní “thou” mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pe ara wọn lónìí, àgbà àti ọmọdé. (Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ló dé tí Bíbélì náà fi pe Ọlọ́run ní “thou”, kí ó ṣí Bíbélì Yorùbá wa, yóò rí i pé Ìwọ ni àwa náà ń pè É.) Nítorí náà, ẹni tí ó kọ “you” sí oníbàárà rẹ̀ láìfi “sir” tì í kò rí ẹnikẹ́ni fín.

Ibòmíràn tí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn yìí ti wá ni ọ́fíìsì ìjọba ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn akọ̀wé wa láti máa parí lẹ́tà pẹ̀lú “I have the honour to be, Sir, your obedient servant”. Àwọn bàbá wa kọ́ ọ, wọ́n fi kọ́ wa, ó sì bá ìwà wa mu, a kò jẹ́ kí ó lọ. Àwọn tí wọ́n ni ín ni kò fẹ́ ẹ mọ́. Ní ọdún 1948 ni Ernest Gowers, ọ̀gá àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tí ó pè ní Plain Words, nítorí pé iléeṣẹ́ ìṣúra ìjọba wọn fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yé kọ lẹ́tà tí mẹ̀kúnnù kò lè lóye. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gé ìrù lẹ́tà wọn kúrú. Bí ọmọ Ìsọlọ̀ bá wá kọ ti àtijọ́ náà sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, aṣọ bàbá bàbá ọmọ náà ló gbé wọ̀ lọ kí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò dùn, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Láti bí ogójì ọdún ni àwọn oníjìbìtì tí a ń pè ní fọ́ọ̀ wàn náìnì, nítorí abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, ti ń kọ̀wé sí òyìnbó pẹ̀lú ìkíni gígùn àti ìrẹ̀lẹ̀ àṣejù. Ní ọdún 2012, Cormac Herley tí ó ń ṣe ìwádìí fún iléeṣẹ́ Microsoft kọ ìwé kan lórí ìdí tí irú wọn fi ń sọ fún ayé pé Nàìjíríà ni àwọn ti wá. Ohun tí ó rí ni pé wọ́n ń fẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́n tètè bá tirẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó lè gba ohunkóhun gbọ́ nìkan ṣẹ́kù fún wọn. Olóòótọ́ oníṣòwò tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ bíi tiwọn ń bá ẹni tí ó gbọ́n wí pé kí ó pa lẹ́tà òun rẹ́. Orúkọ ọjà, nọ́ńbà ẹrù àti ọjọ́ ni ohun tí oníjìbìtì kì í sábà ní lọ́wọ́. Àwọn ni kí ó kọ́kọ́ fojú hàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àpẹẹrẹ kan, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní arábìnrin kan ní Àjàó Ẹ̀sítéètì fi páálí aṣọ rírán 18 ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2025, ni ẹrù náà gbéra. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6, oníbàárà rẹ̀ ní páálí 16 ni òun rí gbà. Oníbàárà náà ń fẹ́ gbogbo aṣọ kí ó tó di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, nítorí ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní ọjọ́ 7, Ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, arábìnrin wa jókòó, ó kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú ẹrù lọ́hùn-ún:

```
Dear Sir/Ma,
Good day sir. I hope this mail meets you in good health.
I am very sorry to disturb your busy schedule. I humbly
wish to bring to your notice that we have a little issue
concerning our goods. Please kindly look into it and do
the needful as soon as possible. I will be very grateful
if my request is granted. God bless you sir.
```

Bí a bá kà á létí Yorùbá, lẹ́tà yìí dára. Ó kí ènìyàn, ó tọrọ àforíjì, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì súre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jókòó sí àga ẹni tí ó gbà á. Lẹ́tà bíi ọgọ́ta ló wà níwájú rẹ̀, obìnrin sì ni, “sir” ni wọ́n ń pè é. Ẹrù wo? Páálí mélòó? Kí ló ṣe é? Nítorí ìtìjú, arábìnrin wa ní ọ̀ràn náà kéré, “a little issue”, ẹni náà sì gbà á gbọ́ pé ó kéré. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí lẹ́tà náà dé, nítorí pé ní oṣù Kẹta, kí wọ́n tó yí agogo wọn padà, wákàtí kan ni a fi ṣíwájú wọn. Ó fi í sílẹ̀ di Ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́ Ajé ó kọ ìlà kan padà: ẹrù wo ni ẹ ń sọ? Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí wá páálí kankan.

Lẹ́tà tí ó yẹ kí ó kọ nìyí. Nọ́ńbà ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ, orúkọ ìdílé ẹni tí a ń kọ̀wé sí ni yóò sì wà níbi tí a fa ìlà sí.

```
Subject: Two cartons missing, AWB 000-12345675

Dear Ms ____,

Could you please check whether two of our cartons are
still in your warehouse? We sent 18 cartons from Lagos on
Monday 3 March. Our customer received 16 on Thursday
6 March. Cartons 7 and 12 are missing.

The packing list and the customer's receipt are attached.
The goods are for a wedding order due on Friday 14 March,
so I would be grateful for a reply by Tuesday 11 March.

Thank you for your help.
```

Ẹ wo ohun tí ó wà níbi tí wọ́n ń pè ní `Subject`. Ọ̀rọ̀ náà àti nọ́ńbà ìwé ẹrù òfuurufú ni, èyí tí iye rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá: mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọkọ̀, mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti ẹrù náà fúnra rẹ̀. Kí obìnrin náà tó ṣí lẹ́tà rárá ni ó ti mọ ibi tí yóò wò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ni ìbéèrè. Ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìtàn ló máa ń ṣíwájú, a ó rọra yí ọ̀rọ̀ ká kí a tó dé ibi tí a ń lọ, nítorí pé kò tọ́ kí a já lu àgbà pẹ̀lú ohun tí a ń fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ó ní kí a ka ìlà mẹ́jọ kí a tó mọ ohun tí òun ń wá ni ó ń fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò.

Ǹjẹ́ ọ̀wọ̀ ti wá lọ kúrò nínú lẹ́tà kejì yìí bí? Kò lọ. Ó wà nínú “could” àti “would”. “Send me the list” ni àṣẹ. “Can you send me the list” ni ìbéèrè. “Could you send me the list” ni ìbéèrè tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a bi láti sọ pé òun kò lè ṣe é, bí ìgbà tí àwa bá sọ pé, ǹjẹ́ ẹ lè bá mi wò ó. Bákan náà ni “I want” le létí wọn, “I would like” sì rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí a lo irú ọ̀rọ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun kan. Bí a bá to “please”, “kindly”, “humbly” àti “if it will not disturb you” jọ sínú gbólóhùn kan, yóò dà bí ẹni tí ó fẹ́ tọrọ ohun tí kò tọ́ sí i.

“Kindly” pàápàá ń tan wá jẹ. Létí wa, ó rọ̀ ju “please” lọ, ẹ̀bẹ̀ tí ó ní ìwà rere ni. Létí ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà, ohun tí a ń kọ sára ògiri ni, tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Ẹni tí ó kọ “kindly send my money” rò pé òun ń bẹ̀bẹ̀, oníbàárà sì ń wò ó bíi pé ó ń fi ìka sí òun lójú. Ẹ lo “please” tàbí “could you”, kí ẹ fi “kindly” sílẹ̀.

Èkejì tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni “sorry”. Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀ níwájú wa, a ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, kì í sì í ṣe àwa la tì í. Pẹ̀lẹ́ wa yìí ni à ń túmọ̀ sí “sorry”. Nínú lẹ́tà òwò, ẹni tí ó kọ “sorry about the missing cartons” lè dà bí ẹni tí ó gbà pé ọwọ́ òun ni páálí ti sọnù, nígbà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ló ń wá a. Ẹ fi “sorry” pamọ́ fún ìgbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín ní tòótọ́, kí ẹ sì lò ó lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohun tí ẹ ó ṣe sí i. Bí ó bá jẹ́ ìbákẹ́dùn lásán ni, “I understand this is difficult for you” tó.

Ẹ wo ọjọ́ tí a dá nínú lẹ́tà kejì. Èyí ló ṣòro fún wa jù. Ta ni yóò dá ọjọ́ fún àgbà? Nítorí náà ni a ṣe ń kọ “as soon as possible” tàbí “at your earliest convenience”. Ẹni tí ó ń kà á yóò gbọ́ pé kò sí kánjúkánjú. Ohun tí ó mú ọjọ́ dídá kúrò nínú àfojúdi ni ìdí tí a fi dá a. “By Tuesday” nìkan le díẹ̀. Nígbà tí a bá ti sọ pé aṣọ ìgbéyàwó ni, pé ọjọ́ 14 ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, ẹni náà fúnra rẹ̀ yóò rí i pé kì í ṣe àwa la dá ọjọ́ náà.

A mọ̀ pé ibì kan yóò fẹ́ dun àwọn ará wa, ibẹ̀ sì ni “by God's grace”. Oníbàárà béèrè ọjọ́ tí ẹrù yóò dé, a fèsì pé “by God's grace it will arrive on Friday”. Àwa fi ìgbàgbọ́ sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ wá yóò gbọ́ pé a kò tíì mọ̀ bóyá ẹrù ti kúrò ní Òṣòdì. Kò sí ẹni tí ó ní kí a sẹ́ ìgbàgbọ́ wa. Ohun tí oníbàárà ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ dé: “The goods left Lagos this morning and are due on Friday. If the flight changes, I will write to you the same day.” Gbólóhùn kejì yẹn ti gbà pé ọjọ́ ọ̀la kò sí lọ́wọ́ wa, ó sì tún sọ ohun tí a ó ṣe.

Bí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá dé, tí èsì kò sì dé ńkọ́? Ẹlòmíràn yóò dákẹ́, nítorí pé ìránnilétí dà bí ìbáwí. Ẹlòmíràn yóò fi ìbínú kọ “you have not replied me till now”. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Ẹ dáhùn lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ náà, kí ó lè rí ti ìṣáájú lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ: “I am following up on my email of 7 March. Have you been able to check for cartons 7 and 12?” Bí ó bá tún dákẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ lè béèrè pé “Is there someone else I should write to about this?” Ìbéèrè yìí kò bú ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń mú kí ẹni tí ó sùn lórí ọ̀rọ̀ jí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì di àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ kí ìwé ṣe ẹlẹ́rìí, kí ènìyàn má jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ká ní wọ́n kọ owó kílò 240 sí i, tí ìwé ìwọ̀n ẹrù ní Èkó sì sọ pé 204. “You have cheated us” yóò bẹ̀rẹ̀ ìjà. “Sir, there seems to be a small mistake, please help us” kò sọ ohunkóhun. “The invoice shows 240 kg, but our weight slip shows 204 kg. Could you please check?” ni ọ̀rọ̀ àgbà. Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé owó tí wọ́n kà kò pé yóò ní, ó jọ pé owó yìí kò pé, Bàbá. Owó ló gbé lọ sí ẹjọ́, kò gbé Bàbá lọ.

Ti orúkọ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí ẹni náà kọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà. Ẹ fi “Mr” tàbí “Ms” sí orúkọ ìdílé rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Bí ó bá fi orúkọ àbísọ nìkan fọwọ́ sí èsì rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ àbísọ pè yín, ó ti fún yín láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rárá, “Dear Sir or Madam” kò burú. “Ma” tiwa yìí ni wọn kò mọ̀ nínú lẹ́tà.

Gbogbo òkè òkun kọ́ ni ó rí bákan náà o. Ará Amẹ́ríkà a máa yára lo orúkọ àbísọ. Ará Jámánì kì í yára bẹ́ẹ̀, orúkọ ìdílé ló ń fẹ́ títí yóò fi sọ pé ó tó. Ní Íńdíà, “kindly” àti “do the needful” ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ilé tiwa náà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tàbí sí ọ̀gá kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ó yọ “Sir” kúrò nítorí pé ó ka ohun tí a kọ yìí, yóò rí ìjà. Kí ó kọ “Sir” rẹ̀, kí ó kí wọn dáadáa. Nọ́ńbà, ọjọ́ àti ohun tí ó ń béèrè nìkan ni kí ó mú láti inú lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù wá sínú ti ilé.